Ìdí tí wúrà fi ń ṣáájú àwọ̀ nínú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́

Ẹni tó bá rí àwòrán àwọn ìwé àdúrà àfọwọ́kọ ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, pẹ̀lú bí wúrà ṣe ń kọ mànà lójú ewé wọn, á rò pé ṣe ni akọ̀wé kan jókòó, ó kọ ọ̀rọ̀ tán, ó ya àwòrán, ó kùn ún, ó sì wá fi wúrà kádìí ẹ̀. Wúrà ló wọ́n jù, ó sì jọ pé ohun tó wọ́n jù ló yẹ kó kẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí àwọ̀ kankan tó kan ojú ewé náà, wúrà ti wà níbẹ̀, wọ́n sì ti fi eyín ajá ra á títí tó fi ń dán. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n fi ń lẹ wúrà mọ́ ìwé, èèyàn ò sì lè lóye ìdí yẹn àyàfi tó bá tẹ̀lé ojú ewé kan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ojú ewé kan ní Páríìsì, ní nǹkan bí ọdún 1400. Ìwé àdúrà ni, irú èyí tí àwọn olówó máa ń ṣe kí wọ́n lè máa gbàdúrà sí Màríà Wúńdíá ní wákàtí wákàtí. Àdúrà àkọ́kọ́ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ Sáàmù kan níbi tí onísáàmù ti ní kí Olúwa ṣí òun ní ètè. Lédè Látìnì, "Dómínè", ìyẹn Olúwa, ni ọ̀rọ̀ tó ṣáájú, nítorí náà D ńlá kan ló máa ń wà níbẹ̀. D aláwọ̀ búlúù ni, wúrà ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀ yíká. D yẹn la máa tẹ̀lé.

Awọ ẹran ni ojú ewé náà, kì í ṣe pépà. Awọ ọmọ màlúù, ti àgùntàn tàbí ti ewúrẹ́ ni wọ́n ń rẹ sínú omi ẹfun jíjó kí irun lè bọ́, wọ́n á nà án sórí férémù igi, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ tó tẹ̀ bí òṣùpá há a bó ṣe ń gbẹ. Nígbà tó bá gbẹ, ojú méjèèjì rẹ̀ kì í jọra. Ojú tí irun ti hù máa ń pọ́n díẹ̀, èèyàn sì lè rí ihò irun tó-tò-tó lára rẹ̀, nígbà tí ojú tó kọ sí ẹran máa ń funfun. Tí wọ́n bá fẹ́ ká a, wọ́n máa ń tò ó kí ojú irun lè kọjú sí ojú irun, kí ojú ẹran sì kọjú sí ojú ẹran, torí kí ewé méjì tó kọjú síra má bàa yàtọ̀ lójú ẹni tó ṣí ìwé náà. Awọ mẹ́rin tí wọ́n ká papọ̀ ló ń di ewé 8, bí wọ́n sì ṣe ń di ìwé náà pọ̀ nìyẹn, ìdì kan lẹ́yìn òmíràn.

Ìlà fífà ló kàn. Akọ̀wé á to awọ bíi mélòó kan lórí ara wọn, á fi òòlu lu ihò wẹ́wẹ́ sí etí wọn, kí ihò náà lè bọ́ sí ojú kan náà lórí gbogbo wọn. Láti ihò dé ihò ló máa ń fa ìlà. Ní ayé ìṣáájú, irin tí kò mú ni wọ́n fi ń tẹ ìlà yẹn sínú awọ láìsí àwọ̀ kankan. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá ni òjé ti gbòde, ó ń fa ìlà eléérú bíi pẹ́ńsù. Ní ìgbà tí à ń sọ yìí, yíǹkì ni wọ́n ń lò, ó sì máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdúrà. Wọn kì í pa á rẹ́. Ohun ẹ̀ṣọ́ ni àwọn tó ra ìwé náà kà á sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ máa wà kò gba gbogbo ewé. Nínú ìwé púpọ̀, gíga ibi ọ̀rọ̀ máa ń tó ìbú ewé fúnra rẹ̀: bí ewé bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 14, ibi ọ̀rọ̀ á ga tó nǹkan bíi 14 náà. Àlà ìsàlẹ̀ ló ń tóbi jù, ti ẹ̀gbẹ́ òde tẹ̀lé e, ti inú, níbi tí ìwé ti di pọ̀, ló kéré jù. Téèyàn bá wo ewé kan ṣoṣo, á dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ewé méjì tó ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọn tó ṣètò rẹ̀ ń wò, àlà inú méjèèjì sì ń pa pọ̀ di ẹyọ kan láàárín.

Akọ̀wé á wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gègé ìyẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀bẹ lọ́wọ́ òsì. Ọ̀bẹ yẹn ló fi ń gbẹ́ gègé, òun ló fi ń tẹ awọ mọ́lẹ̀, òun náà ló sì fi ń há àṣìkọ kúrò. Tó bá dé ibi D, kò ní kọ ọ́. Á fi àyè ìlà mẹ́rin sílẹ̀, á sì kọ d kékeré kan sí àárín rẹ̀ tàbí sí etí ewé kí ẹni tó máa ṣe ọ̀ṣọ́ lè mọ lẹ́tà tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ní Páríìsì, kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà ló ń kọ ọ̀rọ̀ tó tún ń kùn ún. Ìdì ewé máa ń lọ láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ládùúgbò kan náà, nítòsí yunifásítì, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ìwé pọ̀ sí. Nígbà míì d kékeré yẹn ṣì máa ń hàn lábẹ́ àwọ̀ títí dòní, pàápàá níbi tí àwọ̀ bá ti ṣí.

Ibi tó le wá dé. Oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ á kọ́kọ́ fi òjé ya D náà, á fi yíǹkì tẹ ìlà rẹ̀ kó hàn dáadáa, lẹ́yìn náà ló máa kan wúrà.

Wúrà tí à ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀dà. Ewé wúrà ni, wúrà gidi tí wọ́n lù títí tó fi fẹ́lẹ́ débi pé èémí lásán lè gbé e lọ. Owó wúrà ni àwọn alágbẹ̀dẹ sábà máa ń lù. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá, ayàwòrán ará Ítálì kan wà tó ń jẹ́ Ṣẹnínò Ṣẹnínì, tó kọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ yìí sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ó ráhùn pé àwọn tó ń lu wúrà ń yọ ewé 145 jáde lára owó dúkátì kan, bẹ́ẹ̀ 100 ló yẹ kó jẹ́. Dúkátì kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 3.5 lọ. Ìráhùn rẹ̀ tọ̀nà: bí ewé bá ti fẹ́lẹ́ jù, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á máa hàn síta, wúrà náà á sì rí bíi bàbà tó ti ṣá.

Kí wúrà tó lè lẹ̀, tó sì lè wú sókè díẹ̀ lójú ewé, ó gbọ́dọ̀ ní ìrọ̀rí lábẹ́. Ìrọ̀rí yẹn ni wọ́n ń pè ní jẹ́sò. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ẹfun kan náà tí àwọn tó ń ṣe àjà ilé lónìí mọ̀ sí píópì, ṣùgbọ́n wọ́n á ti fi omi púpọ̀ rò ó lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó má bàa tún lè dì mọ́. Wọ́n á fi òjé funfun sí i, Ṣẹnínì ní kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ẹfun náà lọ. Wọ́n á fi ṣúgà díẹ̀ sí i, tí kò ní tó òjé funfun yẹn. Àwọn míì máa ń fi amọ̀ pupa díẹ̀ sí i kó lè pọ́n, torí ohun funfun lórí awọ funfun kò ṣeé rí dáadáa. Wọ́n á lọ gbogbo rẹ̀ lórí ọlọ pẹ̀lú omi, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, tó bá di ọjọ́ iṣẹ́, wọ́n á fi omi funfun inú ẹyin pò ó.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹfun ló ń jẹ́ kó wú. Òjé funfun ló ń jẹ́ kó kúnná, kó sì rọ̀ díẹ̀. Ẹyin ló ń dì í mú. Ṣúgà sì rèé, òun gan-an ni gbogbo àṣírí náà: ṣúgà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà jẹ́sò tó ti gbẹ pátápátá ṣì lè tutù padà lójú ẹsẹ̀ tí èémí bá kàn án.

Fífi jẹ́sò sí ojú ewé gba sùúrù. Gègé tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó kún dáadáa ni wọ́n fi ń kán an sílẹ̀, tí wọ́n á sì máa wọ́ ọ lọ sí etí ibi tí wọ́n ti yà, kó lè tẹ́ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa á lọ pa á bọ̀, á fọ́ọ̀mù, ìfófòó kọ̀ọ̀kan á sì di ihò nígbà tó bá gbẹ. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á fi ọ̀bẹ há ojú rẹ̀ kó lè dán. Ìgbà yẹn ni oníṣẹ́ ń mọ̀ bóyá àpòpọ̀ rẹ̀ dára. Tó bá ń bu jáde bí ìyẹ̀fun, nǹkan tó dì í mú kò tó, wúrà á sì ṣí kúrò tó bá yá. Tó bá le bí ìwo, ẹyin ti pọ̀ jù: èémí kò ní lè mú un tutù, ó sì máa sán tí wọ́n bá ti ń ṣí ewé náà. Tí ṣúgà bá pọ̀ jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ nígbà òtútù, wúrà tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn á sì ya lábẹ́ ohun tí wọ́n fi ń ra á.

Bó bá ti dára, wọ́n á dúró di òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ ní omi nínú. Oníṣẹ́ á gé ewé wúrà tó ju D náà lọ díẹ̀, á gbé e sí ìtòsí, á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á mí gbígbóná láti inú ọ̀fun sórí jẹ́sò, nígbà míì láti inú esùsú tẹ́ẹ́rẹ́ kan kí èémí náà má bàa tàn káàkiri. Kíá ló ní láti gbé wúrà lé e, kó fi aṣọ ṣẹ́dà tẹ̀ ẹ́. Tó bá fi falẹ̀, omi náà ti gbẹ. Lẹ́yìn náà ló máa ra á, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó wá tẹ̀ ẹ́ gan-an. Òkúta dídán tàbí eyín ẹranko ni wọ́n fi ń ra á. Ṣẹnínì ka eyín ajá, ti kìnnìún, ti ìkookò, ti ológbò àti ti àmọ̀tẹ́kùn mọ́ ọn, ó ní eyín ẹranko èyíkéyìí tó bá ń jẹ ẹran dára. Èmi ò rò pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ rí eyín kìnnìún lò. Ti ajá ló wà nílé.

Ìdí tí wúrà fi ní láti ṣáájú wá hàn báyìí. Omi ẹyin tàbí góòmù ni wọ́n fi ń po àwọ̀ ìwé, àwọn méjèèjì náà sì máa ń tutù padà tí èémí bá kàn wọ́n. Ká ní búlúù ti wà lójú D kí wọ́n tó mí sí i, ewé wúrà ì bá lẹ̀ mọ́ búlúù náà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè yọ ọ́ láìba búlúù jẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, eyín ajá tí wọ́n ń fi ra wúrà á há àwọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n tí wúrà bá ṣáájú, àwọ̀ á wá bo etí rẹ̀ tó rí wúruwùru mọ́lẹ̀, ìlà D á sì gún régé.

Ẹ̀rí èyí wà ní ilé ìkàwé Bódílì ní Ọ́ksífọ́dù. Ìwé Ìfihàn Jòhánù kan tí àwòrán kún inú rẹ̀ wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Àpókálíìsì Dáúsì. Wọ́n ṣe é ní England láàárín nǹkan bí ọdún 1265 sí 1270 fún ọmọ ọba tó padà di Ọba Édíwọ́ọ̀dù Kìíní àti ìyàwó rẹ̀, Ẹ́lẹ́nọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò parí rẹ̀. Àwọn ojú ewé kan ní ìlà yíǹkì nìkan. Àwọn kan ní ìlà àti wúrà, kò sí àwọ̀ kankan: òbírí wúrà ń tàn yí orí ẹni mímọ́ ká, ojú àti aṣọ rẹ̀ ṣì funfun bí awọ. Àwọn míì wá ní àwọ̀. Fún èmi, kò sí ìwé tó parí tó lè kọ́ni tó ìwé yẹn.

Ó wá ku àwọ̀ D. Búlúù tó dára jù ní ayé ìgbà náà wá láti inú òkúta lápísì lásúlì, tí wọ́n ń wà ní òkè Bádákṣánì ní Afganísítánì, tó sì ń gba ilẹ̀ àti òkun kó tó dé Fẹ́nísì àti Páríìsì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọ́n kàn ń lọ̀ ọ́ ni. Tí wọ́n bá lọ òkúta yẹn lásán, eérú ni wọ́n máa rí, nítorí òkúta funfun àti ìpẹ́pẹ́ tó ń dán bí wúrà wà pọ̀ mọ́ búlúù nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa yọ búlúù kúrò láàárín àwọn tó kù ni ọgbọ́n tó wà níbẹ̀.

Ṣẹnínì ní kí wọ́n lọ òkúta náà, kí wọ́n sì fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Fún ìyẹ̀fun pọ́ùn kan, kí wọ́n yọ́ oje igi páínì áúńsì 6, oje igi másítíkì áúńsì 3 àti ìda oyin tuntun áúńsì 3 papọ̀. Kí wọ́n pò ó mọ́ ìyẹ̀fun náà di ìṣù, kí wọ́n fi òróró sí ọwọ́, kí wọ́n sì máa pò ó lójoojúmọ́ fún ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé ìṣù yìí sínú omi eérú tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, irú omi eérú tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ń sẹ́, kí wọ́n mú igi méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Búlúù á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sínú omi, ìdọ̀tí á sì wà nínú ìda. Wọ́n á da omi yẹn sínú àwo kan, wọ́n á bu omi eérú míì sí i, wọ́n á tún máa tẹ̀ ẹ́. Tó bá yá, búlúù á rọ̀ sí ìsàlẹ̀ àwo, wọ́n á sì da omi orí rẹ̀ nù.

Àwo àkọ́kọ́ ló dára jù, àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì ń fà sí àlùkò díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀síwájú ló ń ṣá. Ṣẹnínì ní méjì àkọ́kọ́ tó dúkátì 8 fún áúńsì kan, méjì tó kẹ́yìn kò sàn ju eérú lọ. Èyí ló fà á tí búlúù inú ìwé kan náà fi lè yàtọ̀ láti ojú ewé sí ojú ewé: ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń lò fún aṣọ Màríà, èyí tó ṣá tàbí búlúù mìíràn tó rọjú ni wọ́n ń lò fún lẹ́tà kéékèèké. Ẹ̀ṣọ̀ ni wọ́n sì fi ń lọ búlúù yìí, torí bó bá kúnná jù, ńṣe ló máa ṣá.

Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kéde pé àwọ̀ yìí wà nínú ìdọ̀tí tó dì mọ́ eyín obìnrin kan tí wọ́n sin sí ilé àwọn sístà ní Dálháímù, ní Jámánì. Obìnrin náà gbé ayé ní ìgbà kan láàárín ọdún 997 sí 1162. Ohun tí wọ́n rò pé ó ṣeé ṣe jù ni pé ẹnu ló fi ń pọ́n búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kó lè mú. A kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe àwọn mọ́ńkì ọkùnrin nìkan ló ń fi ohun tó wọ́n bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo búlúù àtijọ́ ni lápísì. Ìwé Ìhìnrere Líńdísfáànì, tí wọ́n ṣe ní àríwá England ní nǹkan bí ọdún 700, ni àwọn ènìyàn ti ń sọ tipẹ́ pé lápísì ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ lésà yẹ̀ ẹ́ wò, búlúù tí wọ́n yọ láti inú ewé ohun ọ̀gbìn ni wọ́n bá. Èròjà búlúù tó wà nínú ewé yẹn ló wà nínú ẹ̀lú táwọn aláró wa fi ń ṣe àdìrẹ.

Ti pupa kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mẹ́kúrì àti imí ọjọ́ ni wọ́n ń gbé kaná pọ̀; ohun dúdú ló ń kọ́kọ́ jáde, lílọ̀ ló ń sọ ọ́ di pupa, bí wọ́n bá sì ṣe lọ̀ ọ́ tó ni yóò ṣe pọ́n tó, òdìkejì búlúù gan-an. Omi ẹyin tí wọ́n fi ń po pupa yìí máa ń fófòó, àwọn kan sì máa ń fi ìdọ̀tí etí bíńtín sí i kí ìfófòó náà lè rọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìmọ̀ràn gidi, kì í ṣe àwàdà.

Ó ku bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n lójú ewé. Àwọ̀ kan lè ba òmíràn jẹ́. Pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n ń fi òjé ṣe, òjé funfun àti ìpẹtà bàbà tó ń di àwọ̀ ewé kì í bá àwọ̀ ìyeyè tó ní ásẹ́níìkì nínú rẹ́, ó máa ń sọ wọ́n di dúdú, nítorí náà ayàwòrán tó bá mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n kan ara wọn. Ìpẹtà bàbà fúnra rẹ̀ tún lè jẹ awọ títí tó fi lu. Téèyàn bá rí ewé àtijọ́ tí igi tàbí koríko tí wọ́n yà sínú rẹ̀ ti di ihò, ohun tó ṣe é nìyẹn.

Lára D tiwa, wọ́n á kọ́kọ́ kun búlúù tó ṣá díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á fi èyí tó jinlẹ̀ sí apá tó yẹ kó ṣókùnkùn, wọ́n á wá fi òjé funfun fa ìlà tín-ín-rín lórí rẹ̀. Yíǹkì dúdú ló kẹ́yìn, wọ́n fi ń fa etí wúrà àti búlúù níbi tí wọ́n ti pàdé. Bí ojú ewé bẹ́ẹ̀ bá wà níwájú yín lórí fóònù, ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i títí ẹ ó fi rí etí yẹn. Ẹ máa rí i pé búlúù gun orí wúrà, kì í ṣe wúrà ló gun orí búlúù. Níbi tí wúrà bá sì ti ṣí kúrò, jẹ́sò á hàn lábẹ́ rẹ̀, á sì pọ́n tó bá jẹ́ pé wọ́n fi amọ̀ pupa sí i.